Iye Owó Àwòrán Obìnrin Oníkajú

Ìyá náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kabba láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó gbé kajú yíyan lé orí tábìlì mi, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná kí a tó sọ̀rọ̀. Mo jẹ ẹ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n inú náílọ́ọ̀nù funfun tí kò ní àmì kankan lára ni ó dì í sí, bí ìgbà tí èèyàn bá di ẹ̀pà fún ọmọ tó ń lọ iléèwé.

"Okun o, ọmọ mi," ni ó fi kí mi. "Iyamoye ni mo ti wá. Mo fẹ́ àwòrán obìnrin tó ń yan kajú, èyí tí mo lè lẹ̀ mọ́ ara náílọ́ọ̀nù yìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà rẹ ń yà á."

Bánà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ni mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ AI tó dé, èyí tí èèyàn máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí tí yóò sì sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán. Nígbà tó dé, ohun tó kọ́kọ́ dá mi láàmú ni iye tí mo lè gbà. Àwọn oníbàárà rí i pé àwòrán ń jáde kí èèyàn tó mi èémí mélòó kan, wọ́n sì ń bi mí pé kí ni mo ń gbowó fún. Wọn kò rí owó oṣooṣù tí mo ń san ní dọ́là, wọn kò sì rí ọ̀pọ̀ àwòrán tó ní ìka méje lọ́wọ́ kan tí mo ti dà nù kí n tó rí ọ̀kan tó ṣeé fi hàn wọ́n.

Nítorí náà mo ti kọ́ láti ṣàlàyé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ìyá náà pé owó iṣẹ́ náà jẹ́ fún àwòrán mẹ́ta tí yóò mú ọ̀kan nínú wọn, àti àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì lórí èyí tó bá mú.

"Kí ni ò ń pè ní àtúnṣe?" ó béèrè. "Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá yà á ni?"

"Rárá o, mà. Iye ìgbà tí ẹ̀rọ yà á, ọrùn mi ni ìyẹn wà. Tí ẹ bá ti wo àwòrán, tí ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ kò fẹ́ sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, àtúnṣe kan nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, owó díẹ̀ yóò kún un."

Mo tún sọ fún un pé ara náílọ́ọ̀nù rẹ̀, Fesibúùkù rẹ̀ àti Wasáàpù rẹ̀ ni owó yẹn yọ̀ǹda kó lo àwòrán náà sí. Tí ẹlòmíì bá fẹ́ fi ta ọjà tirẹ̀, a ó tún jókòó sọ ọ́.

"Àwòrán náà á sì jẹ́ tèmi?"

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bẹ̀rù jù lọ. Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Mà, àwọn tó ni ẹ̀rọ gbà kí n fi ohun tí mo bá yà ṣòwò, torí mò ń sanwó. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́ kò gba bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ẹ̀rọ nìkan yà, òfin kò tíì là á sílẹ̀ pé èèyàn kan lè sọ pé tòun ni, kí ó sì dá ẹlòmíì dúró. Ẹlòmíì lè kọ irú ọ̀rọ̀ tí mo kọ, kí ẹ̀rọ ya èyí tó jọ ọ́ fún un. Mi ò lè ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi fún yín."

Mo rò pé yóò dìde. Ó ka ìdajì owó sílẹ̀.

Àwòrán àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́, ìyá náà rẹ́rìn-ín sí i lórí fóònù. Ẹ̀rọ ti fi kóró kajú sínú èso bí èyí tó wà nínú máńgòrò, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ èso ní ìta ló máa ń so rọ̀ sí. Àṣìṣe ẹ̀rọ ni, n kò kà á mọ́ ọn lọ́rùn. Mo tún un ṣe.

Mo fi méjì yòókù kún un, ó mú ọ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ni àtúnṣe tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní obìnrin náà kéré jù, kó dàgbà sí i. Mo ṣe é. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sanra jù, kó wé gèlè sẹ́yìn díẹ̀, kó má rẹ́rìn-ín. Mo ṣe ìyẹn náà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà títí.

"Kò tíì rí bẹ́ẹ̀," ó wí.

Mo sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àtúnṣe méjì ti pé. Kò jiyàn. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó lé orí tábìlì. Ọ̀nà tó gbà yọ ọ́, láìdúnàádúrà rárá, ni kò jẹ́ kí n lè mú un.

"Mà," mo ní, "ta ni ẹ ń wá nínú àwòrán yìí?"

"Ìyá mi. Òun ló kọ́ mi ní kajú yíyan. Fọ́tò kan ṣoṣo tó yà, ikán jẹ ẹ́."

Mo ti owó náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣàánú. Mo mọ̀ pé kò sí iye àtúnṣe tó lè mú ojú tí ẹ̀rọ kò rí rí jáde, owó rẹ̀ yóò kàn máa lọ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní àdúgbò mi, tó kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà fún ọdún pípẹ́. Tó bá fẹ́, kó bá a jókòó, kó máa sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe rí, kí bàbá náà máa fi pẹ́ńsù yà á. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó rẹ̀ yàtọ̀, ti bàbá sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, ọwọ́ èèyàn ló yà á. Bàbá lè fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un pátápátá.

Wọ́n jókòó ní ìyẹ̀wù bàbá náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo wà níbẹ̀. Bàbá ń yà, ó ń fi rọ́bà pa á rẹ́, kò sì bínú. Nígbà tó dé ibi ìpéǹpéjú, ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́." N kò rí ohun tó rí nínú àwòrán yẹn. Àgbà obìnrin kan tó rẹ̀ díẹ̀ ni mo rí. Bàbá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ náà fún un, mo fi ẹ̀rọ ya igi kajú sẹ́yìn àwòrán náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kò pẹ́ tí ọjà náà fi dé Àbújá. Ọ̀gá oníṣòwò kan níbẹ̀ pe ìyá náà, ó ní òun yóò máa ra kajú lọ́wọ́ rẹ̀ ní àpò ńláńlá, òun yóò sì dì í sínú náílọ́ọ̀nù tòun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ àwòrán obìnrin náà lára rẹ̀. Owó tó dárúkọ tóbi. Ìyá náà pè mí láti béèrè ohun tó tọ́.

Mo ní, "Tiyín ni, mà. Ẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ sì lè kọ̀." N kò purọ́, ó wù mí kó gbà, torí èmi náà ni ì bá tún àwòrán yẹn tò fún ọkùnrin náà.

"Ìyá mi kò yan kajú fún un," ó wí. "Ya òmíràn fún un. Igi nìkan. Ṣírò iye rẹ̀ fún un."

Mo ṣírò rẹ̀: àwòrán igi kajú tí kò ní èèyàn nínú, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ìyọ̀ǹda fún ọdún kan, lára náílọ́ọ̀nù rẹ̀ nìkan, kó má gbé e fún ẹlòmíì. Ọkùnrin náà dúnàádúrà títí ó fi sú mi. Nígbà tó gbà tán, ó béèrè bóyá obìnrin ti ìjọ́sí kò lè dúró lábẹ́ igi náà, kó tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn síta.

Mo ní rárá, sà.