Lẹ́tà Tó Ní Orúkọ Nísàlẹ̀

Àǹtí Lẹ́tà ni wọ́n ń pe àbúrò mi obìnrin níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lò nídìí tábìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í ṣí. Kò sí lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, gbólóhùn tó bá sì dùn létí láìsọ nǹkan kan, àbúrò mi á fi bírò pupa fà á.

Ní oṣù tí mò ń wí yìí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan. Wọ́n pa á, kí ẹ̀rọ àrọ́pò lè gbaṣẹ́. Àrọ́pò kọ̀, kò jí. Ó ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, nítorí pé wọn kò dán an wò. Íńtánẹ́ẹ̀tì kú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé yóò padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oníbàárà kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Atẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ní ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ó pe àbúrò mi lórí fóònù.

“Àǹtí Lẹ́tà, alẹ́ tí ẹ ń wí yìí, alẹ́ ọdún wo ni?”

“Ẹ má bínú, bàbá.”

“Inú wo ni mo tún fẹ́ bí? Ó ti tán. Ilé iṣẹ́ kejì ti ń pè mí o.”

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì padà, ọ̀gá gbé lẹ́tà wá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣòro tó kọjá agbára àwọn ló fà á.

“Ọ̀gá, agbára ta ló kọjá? Ṣebí ọwọ́ wa la fi pa ẹ̀rọ.”

“Ó dáa, ẹ̀yin ẹ kọ tiyín. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló máa wà nísàlẹ̀ o.”

“Kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ àforíjì gbọ́dọ̀ lórúkọ.”

Ohun tó kọ nìyí: “Àwa la jẹ̀bi. A pa ẹ̀rọ láìdán àrọ́pò rẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣèlérí ohun tí a kò mọ̀. A máa yọ owó ọjọ́ mẹ́sàn-án kúrò nínú owó oṣù tó ń bọ̀, ẹ kò ní láti béèrè. Láti ìsinsìnyí lọ, oṣooṣù la ó máa dán ẹ̀rọ àrọ́pò wò.”

Kó tó fi ránṣẹ́, ó lọ bá ọkùnrin tó ń ṣètò ìwé owó.

“Ṣé ẹ ti fi ìyọkúrò yẹn sínú ẹ̀rọ?”

“Ó ti wọlé. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, ìyá wa.”

Ọkùnrin náà kò purọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló fi í sí i. Ọjọ́ karùn-úndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n sì ti parí ìwé owó oṣù tó ń bọ̀, kò gba àfikún mọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìyọkúrò bọ́ sí. Àbúrò mi béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é. Kò béèrè oṣù tó bọ́ sí. Ẹni tó ń tọ́ gbogbo ayé sọ́nà!

Bàbá Atẹ̀wé rí i nínú ìwé owó rẹ̀ pé owó oṣù pé pérépéré, wọn kò yọ nǹkan kan. Ó gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà náà, kò san án, ó ń dúró kí wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù, ẹ̀rọ tó máa ń gé íńtánẹ́ẹ̀tì ẹni tí kò bá sanwó gé tirẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ń parí, ní ọ̀sán gangan. Ọmọ mọ́kànlá wà lórí ìjókòó. Nígbà tí àbúrò mi fi máa gbọ́, tó sì tan íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, aago kan ti kọjá.

Bàbá Atẹ̀wé wá bá àbúrò mi fúnra rẹ̀. Ó gbé lẹ́tà sórí tábìlì.

“Mo ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà yín yìí ló dá mi dúró.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe…”

“Irọ́ tí kò lórúkọ, mo lè gbàgbé rẹ̀. Èyí lórúkọ.”

Ọ̀gá ní kí wọ́n dákẹ́, oṣù tó ń bọ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe. Àbúrò mi kọ lẹ́tà kejì sí àwọn oníbàárà síbẹ̀síbẹ̀, ìlà márùn-ún péré, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe náà, ó fi orúkọ sí i. Ẹ̀rọ kò fi í ránṣẹ́ sí Bàbá Atẹ̀wé, torí kì í ṣe oníbàárà wọn mọ́. Ló bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Èrò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà gba bébà náà, kò kà á, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ó ti bébà náà bọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì tẹ fọ́ọ̀mù oníbàárà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ẹ kúúṣẹ́, àǹtí,” ó ní. “Ta ló kàn?”