Àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n Mi

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Erin, ọmọ Ọ̀yọ́ tó délẹ̀ Hausa tí kò sọ ahọ́n ilé nù, ọmọ ọlọ́yàyà tí í kí ará ọjà kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ìyá kan náà ló bí wa, òun ló sì pọ̀n mí.

Ọ̀dùnkún ló ń tà ní Tina Junction, nílùú Jọ́ọ̀sì. Èmi ń ta abọ́ tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, àwọn ẹbí ọkọ sì ní kó máa tọ́jú owó náà. Nígbà tí ọjà mi wọlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi ní igba náírà níbẹ̀. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, igba kì í ṣe owó kékeré. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní ká lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé onítáìpù.

"Èmi tí ẹ pọ̀n, èmi lẹ fẹ́ kó fọwọ́ síwèé?"

"Ẹ̀yìn tèmi ni mo fi pọ̀n ọ́. Owó ọmọ òrukàn lèyí. Bí mo bá kú, ta ni yóò mọ èyí tó o san àtèyí tó kù?"

"Ẹ má pe ikú."

"Mi ò pè é. Ó mọ̀nà ilé fúnra rẹ̀."

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ pé mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi ní igba náírà, pé màá san àádọ́ta lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní, bẹ́ẹ̀ náà ní oṣù kejì, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Ó fa ìlà kan fún mi nísàlẹ̀, ó fa ọ̀kan fún un. Ìwé kẹta ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́, mo kọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti àtàǹpàkò bọ ìńkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó.

"Akọ̀wé, tèmi dára ju ekòló tí àbúrò mi fà síbẹ̀ lọ."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹ̀dà kan, mo mú ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo san án, ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé méjèèjì, tí mo fọwọ́ sí i, tó tẹ̀ka. Kí ìkẹrin tó pé, àìsàn gbé e dé ọsibítù. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin, mo kó àádọ́ta náírà lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbà á, ó ní kí n fi ra oògùn tí wọ́n kọ fún un, òun yóò dá a padà fáwọn ọmọ láti inú owó ọ̀dùnkún.

"Ìwé ńkọ́?" mo bi í.

"Ó wà nínú àpótí. Bí mo bá délé, màá tẹ̀ ẹ́."

Òkú rẹ̀ la gbé délé, ní Angwan Rukuba.

Èmi àti Ìyá Ẹlẹ́pà, aládùúgbò wa, la wẹ̀ ẹ́. A ò tíì wé e tí àbúrò ọkọ rẹ̀ kanlẹ̀kùn. Bàbá Kúrú là ń pè é, nítorí ìlú Kúrú lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ló ń gbé. Mo jáde. Ìwé inú àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àáfà ní ká yanjú ọ̀rọ̀ gbèsè kí wọ́n tó kírun sí i lára. Àádọ́ta owó àwọn ọmọ ló kù níbí."

"Mo ti san án ní ọsibítù."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi àti òun."

Ó wolẹ̀. "Mi ò pè yín ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá dàgbà tí wọ́n bi mí, kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n?"

Mo padà wọlé, mo sọ ọ́ fún Ìyá Ẹlẹ́pà.

"Hábà, Ìyá Ìbejì. Ṣebí o san án. Ọwọ́ ò tíì le. Bíró wà nínú àpò mi, ká fi kun àtàǹpàkò yẹn, ká tẹ̀ ẹ́ síwèé tìẹ. Òun náà ìbá tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ni, ìbá tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọwọ́ náà. Látìgbà tó ti ń ta ọ̀dùnkún, mi ò rí èékánná yẹn rí láìsí iyẹ̀pẹ̀ Jọ́ọ̀sì lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fi ọṣẹ yọ ọ́ láàárọ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀. Ó mọ́ bí ọwọ́ ọmọ tuntun.

"Ẹ jẹ́ ká wé e," ni mo wí.

Mo tú owó ọjà tó wà létí ìró mi, mo ka àádọ́ta náírà fún Bàbá Kúrú lójú àáfà. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé méjèèjì. Èmi fọwọ́ sí àyè tèmi, òun fọwọ́ sí àyè ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n kírun sí i lára, àwọn ọkùnrin gbé e. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín.