Lẹ́tà Tíṣà Ìṣirò Nípa Iṣẹ́ Àmúrelé

Lẹ́tà yẹn bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Tíṣà ìṣirò ọmọbìnrin mi ló kọ ọ́ sí gbogbo òbí kíláàsì wọn. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn kan ń fi fóònù ya fọ́tò iṣẹ́ àmúrelé, áàpù inú fóònù á sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ní ká má lo fóònù o. Ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra rẹ̀. Bó bá há síbì kan, kó wo ìlà kan péré nínú èyí tí fóònù ṣe, kó sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kó wá pa fóònù tì, kó máa bá a lọ.

Mo kà á tán, mo pòṣé. Ta ló ń bá wí? Ọmọ tèmi tó ń gba máàkì! Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìrẹ́mọ ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, lójú mi báyìí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba iléèwé lọ.

"Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ́ wọn mọ́, ẹ sọ fún wa!" Àwọn òbí tó mú ọmọ wá dúró, wọ́n ń wò mí. Mo tún wá gbóhùn sókè nítorí tiwọn.

Tíṣà náà, ọmọ tí mo lè bí, kí mi pé ẹ káàárọ̀ mà. Ó ṣí ìwé ọmọ mi: 2x + 5 = 17, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 6, ó gbà á. Ó wá kọ 3x + 5 = 17 sójú pátákó, ó ní kí ọmọ mi wá ṣe é. Ọmọ mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 6.

"Mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà ńkọ́?"

"Méjìdínlógún, mà."

"Fi márùn-ún kún un."

Ó wo 17 tó wà níwájú rẹ̀. Èmi ló yíjú wò. Èmi kúkú ni mo máa ń fi fóònù ya iṣẹ́ náà, èmi ni mo máa ń ka ìdáhùn sí i létí kó lè kọ ọ́, ká lè tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Yéè! Ojú gbà mí tì. Èmi tí mi ò jẹ́ fi ìwọ̀n oníbàárà kan gé aṣọ ẹlòmíràn.

"Ẹ má bínú, tíṣà."

Nírọ̀lẹ́, mo ya iṣẹ́ tuntun, mo fi àjákù aṣọ bo ìdáhùn lójú fóònù. 4x + 3 = 23. Ó gbìyànjú, ó há. Mo ṣí ìlà kan fún un: wọ́n ti yọ mẹ́ta kúrò lápá méjèèjì.

"Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́?" Èmi gan-an ò mọ̀.

Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà náà. "Kó lè ku 4x nìkan lápá kan, Mọ́mì. Bí a bá sì yọ ọ́ níbí, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lọ́hùn-ún náà, kó lè dọ́gba."

Mo ní ó káre. Mo pa fóònù tì, ó tún mú bírò. Mo wá na ọrùn kí n wo ibi tó dé, ló bá fi apá bo ìwé mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má wò ó. Ẹ tún máa sọ ọ́ fún mi."