Àwọn Àpòòwé Nọ́ọ̀sì

Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ló ń nù. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, nígbà tó yá, orúkọ náà mọ́ ọn lára. Gbogbo iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè ló ti yege nínú rẹ̀, àfi ìṣirò. Ó ti ṣe ìdánwò ìṣirò títí ó fi sú àwọn tó ń bá a ṣàdúrà. Ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń gbani sílé ẹ̀kọ́ náà sì ti fẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Ọdún yìí nìkan ló kù. Bó bá tún fìdí rẹmi, mọ́ọ̀pù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì títí ayé nìyẹn.

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù. Lọ́jọ́ kan, ó kó ìwé ìdánwò àtẹ̀yìnwá wá, ti ọ̀pọ̀ ọdún.

“Bàbá Kékeré, ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ̀ o.”

“Ṣé o mọ iye tí bébà ti dà ni? Ojú méjì ni ọlọ́gbọ́n ń tẹ̀.”

“Mo fẹ́ gé wọn ni, sà. Bí mo bá gé ìbéèrè iwájú, èyí tó wà lẹ́yìn á bá a lọ.”

Mo kùn títí, mo tẹ̀ ẹ́.

Yàrá kan ni òun, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ ń gbé, kò síbi tó lè tẹ́ bébà sí tí ẹnìkan ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ló bá kó wọ àárín ẹ̀rọ mi àti ògiri. Bó bá ti jókòó síbẹ̀, kò lè jáde àfi kí n sún ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mi ò ní purọ́. Kó tó gé ìbéèrè kan, á kọ ọdún àti nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn, kó lè wá ìdáhùn rẹ̀ rí. Ìbéèrè tó bá ní apá méjì, kì í yà wọ́n, torí ìdáhùn àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èkejì. Èyí tó bá kan orí ẹ̀kọ́ méjì, á ní kí n tẹ òmíràn sí i. Ó kó ìdá sínú àpòòwé tirẹ̀, ó kó èlé owó sí tirẹ̀, onígun mẹ́ta náà ní tirẹ̀, ó sì kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpòòwé tó bá wú jù, ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa béèrè nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Àfìgbà tí tíṣà lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ fún wọn ní ìdánwò àṣewò. Ó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Àkàbà ni, Bàbá Kékeré.”

“Àkàbà wo? Ṣé o já bọ́ ni?”

“Wọ́n ní àkàbà tó gùn ní mítà márùn-ún fara ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mítà mẹ́ta jìnnà sí ògiri. Ibo ni orí rẹ̀ dé? Mo kàn ń wò ó ni. Mo ní ṣé ìdá ni àbí ìpín?”

Ó fa irú rẹ̀ kan yọ nínú àpòòwé, ó sì ṣe é kí n tó rí awò ojú mi. Lẹ́yìn náà ló yí àpòòwé náà padà, ó ń wo orúkọ tó kọ sára rẹ̀.

“Háà. Èyí ló ń sọ fún mi! Onígun mẹ́ta, mo ti kà á kí n tó wo ìbéèrè. Nínú ìdánwò, ta ló máa kọ ọ́ fún mi?” Ó gbé orí lé ẹ̀rọ mi. “Mo ti fọwọ́ ara mi ti ara mi mọ́lé. Mo tiẹ̀ ti gé gbogbo ìwé náà pátá, ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù lódindi.”

“Má da omi ojú sínú ẹ̀rọ o, àtúnṣe rẹ̀ wọ́n. Kí lo kọ sẹ́yìn wọn?”

Ó gbórí sókè. “Ọdún àti nọ́ńbà.”

“Ṣé wọn ò ní tò padà ni?”

Ó to ti ọdún kan pa mọ́ lódindi, kó lè fi dán ara rẹ̀ wò. Ìyókù, ó dà wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, ó rò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Bó bá fa ọ̀kan yọ, á kọ́kọ́ pe orúkọ orí ẹ̀kọ́ tó ti wá, á sọ ohun tó fi mọ̀ ọ́n, kó tó fọwọ́ kan bírò. Èyí tó bá ṣì pè á padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ṣì ọ̀pọ̀ pè. Ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn kan bi í pé, “Nọ́ọ̀sì, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Ó ní, “Àkàbà ni, Mà.”

Ó ṣe ìdánwò, ó dé. Mi ò bi í bó ṣe lọ.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó tún kó wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó na fóònù sí mi láti ibẹ̀. Ó ti di ojú.

“Ẹ bá mi wò ó, sà.”

Mo wá awò mi. Mo kà á. Mo tún un kà, torí mi kì í sanwó lórí ohun tí mi ò tíì yẹ̀ wò dáadáa. Máàkì náà ò ga, àmọ́ ó tó ohun tí wọ́n ń béèrè.

“Ṣé ojú kan ni kí n tẹ̀ ẹ́ àbí ojú méjì?”

Ó la ojú. “Ojú kan.”

“O tún fẹ́ gé e ni?”

Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ.

“Bàbá Kékeré, ẹ sún nǹkan yìí. Mo fẹ́ jáde.”