Bí Bàbá Hezekiah Ṣe Kọ Bọ́jẹ́ẹ̀tì Ààrò Efire

Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah Adémúyìwá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó ń bí mi tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ọmọ Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ẹ̀ka ìṣètò owó ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Abẹ́òkúta ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìgbà tó sì padà wálé, ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ìrànwọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Èmi Rónkẹ́ nìkan ni òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, nígbà tí owó bá wà.

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Efire, létí omi, ló gbà á lọ́kàn jù. Èéfín ti ba ojú ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Nimotalahi, olórí wọn, kì í lè wo oòrùn mọ́. A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn, a mú bíríkìlà dání, ó sì sọ iye tí ààrò tuntun mẹ́fà tí èéfín rẹ̀ ń gba òkè jáde máa ná wa.

Kò pẹ́ ni àjọ kan tó ń fowó ṣèrànwọ́ kéde pé kí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa fi kọ́ńsẹ́ẹ̀pù nóòtù ránṣẹ́. Ojú ìwé méjì péré ni, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa ní kó wá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kún. Bọ́jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìlà mẹ́fà lọ. Iye àfojúbù ni wọ́n fẹ́, àlàyé kúlẹ̀kúlẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lọ.

Mo kọ ọ́: owó òṣìṣẹ́, ààrò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọkọ̀ ojú omi, àbẹ̀wò láti mọ bí iṣẹ́ ń lọ, àti ìnáwó ọ́fíìsì. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mílíọ̀nù méje ààbọ̀. Mo tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn obìnrin náà máa pèsè ilẹ̀ àti iyanrìn.

Bàbá Hezekiah wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fa bírò yọ, ó sì sọ iye ìlà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì.

“Rónkẹ́, o ò tíì bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí,” ó ní. “Ohun tó o bá béèrè, ìdajì ni wọ́n máa fún ọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rí i.”

Mo ní, “Bàbá, àwọn wọ̀nyí kì í gé e. Tó bá ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, wọ́n á kàn gbé ìwé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.”

Ó ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fúnra wọn dárúkọ, ṣé a kọjá rẹ̀ ni? Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ibi tó lè pọ̀ dé ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ká béèrè gbogbo rẹ̀. Mo ní ààrò mẹ́fà ṣì ni ààrò mẹ́fà. Ó ní ọmọdé ń ṣe mí. Òun ni alága, òun ló sì máa fọwọ́ sí i, ló bá fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èsì dé. Wọn ò mú wa. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìlà kan péré ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀, pé owó tí a béèrè pọ̀ ju iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lọ. Wọ́n fi kún un pé a ò lè tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá lọ́dún yìí. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ká ní ìjọba ni, wọn ì bá ti pè wá ká wá dín in kù. Ohun tó wà lẹ́nu mi kò yẹ lẹ́nu ọmọ sí àgbà, mo bá ká ìwé náà sínú fáìlì.

Àmọ́ ó ní òun fúnra òun lòun máa lọ sọ fún wọn ní Efire, mo sì bu ọlá fún un nítorí ìyẹn. A débẹ̀ lọ́sàn-án. Ibi tí ahéré ìyanja wọn wà tẹ́lẹ̀ ti di ilẹ̀ gbalasa, wọ́n ti gbá a mọ́, wọ́n sì ti kó iyanrìn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ omi ni wọ́n ti ń yan ẹja báyìí, níta gbangba, òjò sì ti ń ṣú.

Nimotalahi jáde wá, ó fọwọ́ ṣíji bo ojú.

“Ẹ kú ewu ọ̀nà o, Bàbá. Ibẹ̀ rèé. Dede wa, gbogbo wa pátá, la jọ wó ahéré àti ààrò àtijọ́ kí àyè lè gbà yín. Ọjọ́ wo ni bíríkìlà ń bọ̀?”

Mo dúró kí Bàbá sọ̀rọ̀. Ó ṣí fìlà, ó wo iyanrìn yẹn, ó sì kọjú sí mi.

“Rónkẹ́,” ó ní, “ìwọ lo mọ̀ nípa ìwé yẹn. Sọ fún wọn.”

Mo sọ fún wọn pé kò sí ọjọ́ kankan.