Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Àwòrán Mzimasi

Ìgbà tí Nozizwe gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá.

"Mama, kẹrosín-ìn inú sítóòfù ti gbẹ. Ẹ má tíì bu omi sí ẹ̀wà yẹn o, mo ń bọ̀."

Mzimasi mú ìgò, ó fi àkísà dí i lẹ́nu, ó jáde lọ ra epo náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Iwájú sọ́ọ̀bù ni àwọn ọlọ́pàá ti yìnbọn pa á.

Lọ́jọ́ kejì, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn: ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìgò tí àkísà wà lẹ́nu rẹ̀. Nozizwe kò kàwé púpọ̀, aládùúgbò kan ló ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ fún un: "Jàǹdùkú fẹ́ ju bọ́ǹbù ìgò lu ọlọ́pàá." Ó sọ fún gbogbo ayé pé epo sítóòfù lọmọ òun lọ rà. Àwọn ọlọ́pàá fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ìjọba jà náà ṣẹ́jú sí i, bí ẹni pé ó ń bo àṣírí akọni.

Ọdún gorí ọdún. Ó ń fọ aṣọ fáwọn olówó títí èékánná rẹ̀ fi rọ̀. Ó sin ọkọ rẹ̀. Ìjọba yí padà. Àdúgbò kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì pe àwọn ìyá tó ṣòfò ọmọ pé kí wọ́n wá wò ó. Àwòrán yẹn kan náà ni Nozizwe bá lára ògiri, ó ga tó ilẹ̀kùn. Pumeza, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn fọ́tò níbẹ̀, ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ fún un: "Akọni wa Mzimasi àti bọ́ǹbù rẹ̀, kété kí ó tó kú."

Nozizwe na ìka sí ọ̀rọ̀ náà.

"Irọ́ ọlọ́pàá náà nìyí. Ẹ kàn wẹ irọ́ náà, ẹ wá wọ aṣọ àjọ̀dún fún un."

Fezile, ọ̀gá ibẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Mama, à ń yìn ín ni."

"Ẹ má fi ìdọ̀tí yin ọmọ mi."

Pumeza kò rẹ́rìn-ín. "Mama, ẹ jẹ́ ká bi àwòrán náà léèrè fúnra rẹ̀."

Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé fọ́tò tí ilé ìwé ìròyìn fi sílẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, àti déètì, àti ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

"'Gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá ṣe sọ,'" ni Pumeza kà. "Ohun tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò tẹ ìyẹn sínú ìwé ìròyìn."

Ó yí ojú fọ́tò náà sókè. Ilé ìwé ìròyìn ti fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà yí Mzimasi àti ìgò kan ṣoṣo ká, láti fi ibi tí wọ́n máa gé hàn. Inú ìlà yẹn nìkan ni gbogbo ayé ti rí. Ṣùgbọ́n fọ́tò náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mama, níbo ni ẹni tó yà á dúró?"

Nozizwe tẹjú mọ́ ọn. "Àtàrí ọmọ mi ló ń rí. Kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ládùúgbò yẹn nígbà náà. Orí ọkọ̀ ọlọ́pàá ló wà."

"Àwọn ló gbé e wá nìyẹn. Kí ló wà lẹ́yìn ìlà pupa?"

Ìgò ni. Ìgò mẹ́jọ tò lórí ilẹ̀, àkísà lẹ́nu èyí tó pọ̀ jù. Fezile pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Bọ́ǹbù rẹpẹtẹ!"

"Bọ́ǹbù bàbá rẹ!" ni Nozizwe wí. "Inú ilé oníná mànàmáná ni wọ́n bí ẹ sí, o ò mọ ìlà epo. Ìlà epo nìyẹn. Sọ́ọ̀bù kì í tètè ṣí, ìgò ẹni ló ń bá ẹni tò, àwa á lọ jókòó síbi òjìji. Ti Nothemba aládùúgbò wa nìyí, kùkù àgbàdo ló máa ń fi dí i. Gbogbo wọn sá fi ìgò sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Mzimasi padà wá mú tiwa. Ìgò kan ṣoṣo tá a ní."

Pumeza gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé etí fọ́tò náà. Àgbá epo wà lẹ́bàá ògiri sọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa epo sì wà lórí rẹ̀.

"Àwòrán kò lè sọ ohun tó wà nínú ìgò," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó gé e mọ ohun tó ń gé."

Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ̀rọ̀ tuntun fún abẹ́ àwòrán náà: pé ìlà epo ni ìgò Mzimasi wà. Fezile kà á, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mama, akọni làwọn ọmọ iléèwé ń wá wò. Ta ló fẹ́ wo ẹni tó lọ ra epo?"

"Ìwọ náà mú pẹ́ńsù pupa láti gé ọmọ mi nìyẹn," ni Nozizwe wí. Ó tu itọ́ sínú áńkáṣífù, ó ká a, kò wò ó lójú mọ́.

Pumeza kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ilé náà, ó fi ẹ̀dà fọ́tò tí wọn ò gé sí i. Ìgbà òtútù mẹ́rin ti kọjá. Ìgbìmọ̀ kò tíì fèsì. Àwòrán tí wọ́n gé ṣì wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kò sì yí padà.