Rédíò Ìlú Wa Lórí Kọ̀ǹpútà Iléèwé

Snow ọdún yẹn pọ̀ débi pé ojú fèrèsé òkè ni mo ń gbà jáde nílé ọmọ mi ní Redstone, lókè òkun níbí. Ẹ má bi ọmọ mi o, yóò ní irọ́ ni mo pa. Síbẹ̀, mi ò pa kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà jẹ, pàápàá ní Ọjọ́rú. Bí a bá gba ìsinmi láàárọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú nílùú wa lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń pa àlọ́ lórí rédíò ìlú wa. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ò gbọ́ fóònù mọ́. Rédíò yẹn nìkan ni mo fi lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí rédíò náà ṣí website, mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà iléèwé. Àwòrán ọwọ́ pupa kan ló yọ sí mi: wọn ò gbà mí láyè.

Mo rò pé mo ti ṣẹ ẹnìkan ni. Ta ní í tilẹ̀kùn mọ́ àgbà láìnídìí? Mo kó ẹlẹgbẹ́ mi méjì lẹ́yìn, bàbá Ìjẹ̀bú kan àti ìyá ará Ethiopia tí kò mọ ohun tí a ń bẹ̀ fún, a lọ bẹ ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn.

“Bàbá, kò sẹ́ni tó ń bínú sí yín. Filter ni. Ó máa ń pín website sí ìsọ̀rí: ti ẹ̀kọ́, ti tẹ́tẹ́, ti ìṣekúṣe. Tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò mọ ibi tí yóò kà á sí. Èyí tí kò bá mọ̀, títì ló ń tì í.”

“Bí ajá tí kò mọ àlejò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọmọ-ọmọ mi ní VPN kan wà tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.”

“Ẹ má dán an wò, ó lòdì sí òfin iléèwé. Ẹ ní kí tíṣà yín bá yín kọ̀wé sí wa: àdírẹ́sì website náà gan-an, ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ, àti ìgbà tí ẹ máa lò ó. A ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò léwu.”

Mo fẹ́ kí tíṣà kọ ọ́ pé ọba ìlú wa ló ní kí n máa ṣọ́ rédíò fún òun. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Mo ní ó dáa, kó kọ ọ́ pé mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nígbà ìsinmi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ojú ewé ṣí, ohùn ò jáde. Ọmọ náà ní àdírẹ́sì mìíràn ni ohùn ń gbà wọlé, wọ́n sì ń ti irú rẹ̀ kí nẹ́tíwọ́kì má baà wúwo. A tún kọ̀wé. Mo jókòó, mo ń wo fọ́tò ọ̀nà ìlú wa. Mo mọ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo já bọ́ lórí rẹ̀ rí, ó gbà mí ní ọjọ́ méjì gbáko kí n tó kanlẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kejì, wọ́n ti ṣí ti ohùn náà, mo ki ẹ̀rọ bọ etí. Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àlọ́ o.”

“Àlọ̀,” ni mo dáhùn, gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Òun ò gbọ́. Ó tún ní, “Àlọ́ o,” bí ẹni tó ń retí ẹnìkan, kó tó máa bá a lọ.